Láti Ọjọ́ Wo La Ó Ti Ka Ọgbọ̀n Ọjọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, gba ọ́dà nóòtù 4,000 lọ́wọ́ ilé ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn, ₦450 ẹyọ kan. Ní ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ 2025, ilé ìtẹ̀wé fèsì báyìí: "A ti rí ọ́dà yín, ẹ ṣé gan-an. Ẹrù yín á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ó fi sanwó. Bí ẹ bá tètè san, a ó yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún yín."

Lẹ́tà náà dùn-ún kà, àmọ́ ìjà ti lúgọ sínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ìgbà wo? Ọjọ́ tí ọ́dà dé ni ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n sì ń retí ẹrù ní 25 Oṣù Kẹjọ. Atẹ̀wé ní tirẹ̀ kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí oníbàárà yóò fi fọwọ́ sí àwòrán èèpo ìwé. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i ní 11 Oṣù Kẹjọ, 1 Oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ pé. "Jáde" náà ńkọ́? Ṣé kí ọkọ̀ ti kúrò ní Ṣómólú ni, àbí kí ẹrù ti balẹ̀ n'Íbàdàn? Ohun tó yẹ kó kọ rèé: "A ó já nóòtù 4,000 sílẹ̀ nínú ilé ìwé yín n'Íbàdàn, ó pẹ́ tán, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹjọ 2025, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí àwòrán èèpo ìwé ní 11 Oṣù Kẹjọ. Iye ọjọ́ tí ẹ bá fi pẹ́ la ó fi kún un."

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń le jù. Atẹ̀wé lè ti kọ ìwé owó ọjà sílẹ̀ láti 20 Oṣù Kẹjọ, nígbà tí ẹrù kò dé títí di 28. Ọjọ́ mẹ́jọ ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹrù bá sì dé lẹ́ẹ̀mejì, èwo la ó kà? Èmi fara mọ́ ọjọ́ tí ilé ìwé fọwọ́ síwèé pé ẹrù pé, torí ẹni tí kò tíì rí ọjà kò ní gbà pé òun ti jẹ gbèsè. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni kí wọ́n pè ní ọjọ́ kìíní.

Ẹ wá bá mi kà á. Bí ẹrù bá pé ní 28 Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kẹwàá bọ́ sí 7 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Àìkú. Ọgbọ̀n ọjọ́ bọ́ sí 27, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Akápò ilé ìwé kì í sí ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ méjèèjì. Nítorí náà, kí lẹ́tà sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke, kó sì dárúkọ rẹ̀: ọjọ́ Ajé 8 Oṣù Kẹsàn-án fún ẹ̀dínwó, ọjọ́ Ajé 29 fún owó pípé.

Ẹ̀dínwó orí kí ni? Owó nóòtù jẹ́ ₦1,800,000, owó ọkọ̀ sì jẹ́ ₦90,000. Ìdá méjì orí ọjà nìkan jẹ́ ₦36,000; bí wọ́n bá ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, ó di ₦37,800. Ẹ kọ iye náà gan-an sílẹ̀: "Bí ₦1,854,000 bá wọ àkáǹtì wa lẹ́ẹ̀kan náà títí di 8 Oṣù Kẹsàn-án, gbèsè ti tán. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ₦1,890,000 ni. Owó àbọ̀ kò ní ẹ̀dínwó." Kí "wọ àkáǹtì" wà níbẹ̀ dandan, nítorí àwòrán tí akápò fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù kì í ṣe owó.

Kí atẹ̀wé náà ṣírò tirẹ̀ kó tó ṣèlérí. ₦36,000 tó fi sílẹ̀ nítorí kí ₦1,764,000 lè dé ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú, bí ẹni yá owó ní èlé bíi 35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni. Bí báńkì bá ń yá a ní owó tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ló ń fún èèyàn ní ẹ̀dínwó sí?

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Ní 1969, ilé-iṣẹ́ Butler nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá owó ẹ̀rọ kan lé £75,535, wọ́n sì fi kún un pé owó lè gòkè kí ẹ̀rọ tó délé. Ọ́dà tí oníbàárà fi ránṣẹ́ kò gba ìyẹn, ìwé pélébé kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí Butler ní láti fà ya, kó fọwọ́ sí, pé òun gba ọ́dà náà lórí àdéhùn inú rẹ̀. Butler fọwọ́ sí i, ó dá a padà. Nígbà tó bèèrè £2,892 lé e, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá oníbàárà láre ní 1977. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé Ṣómólú, kí atẹ̀wé má fọwọ́ sí i. Kó fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́tà yìí ló borí bí ó bá ta ko ọ́dà, kó sì dúró kí ẹni tó láṣẹ ní ilé ìwé fọwọ́ sí i kó tó ra bébà.