ÀMÌ DÚDÚ ARA: ÈWO LÀ Á FI SÍLẸ̀, ÈWO LÀ Á GBÉ LỌ SÍ ỌSÍBÍTÙ?

Ọ̀rọ̀ àmì dúdú ara ni mo gbé wá sára ògiri lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo ní ọ̀kan lọ́rùn, lábẹ́ etí òsì. Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ ń pè mí ní Alámì, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi tó kọjá, mo gbọ́ lórí rédíò pé àmì dúdú lè di jẹjẹrẹ. Ẹ gbà mí gbọ́, oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n màmá mi. Nígbà tó wá kí Ìyá àgbà nílé wa, mo na ọrùn sí i, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ mú rúlà wá, kí n sì mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí mo yà nígbà tí mo wọ JSS 1. Ohun tó kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí kì í ṣe ọrùn tèmi ló padà gbé wa dé ọsíbítù.

KÍ NI ÀMÌ DÚDÚ?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ wa tó ń ṣe àwọ̀ dúdú tí a ń pè ní mẹ́lánìn. Wọ́n fọ́n káàkiri ara. Ibi tí wọ́n bá ti kóra jọ sójú kan ni àmì dúdú ti ń hàn, kò sì sí àrùn nínú ìyẹn. Wọ́n lè bí i mọ́ni, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń yọ ní kékeré àti nígbà ọ̀dọ́. Torí náà, bí ọmọ ọdún 15 bá rí tuntun lára, kó má sá. Ti ẹni tó ti lé lógójì ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tuntun ló yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn kóró dúdú wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn ìyá àti bàbá wa, tó ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kò ní wàhálà kankan.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá ń pọ̀ láìdáwọ́ dúró. Mẹlanómà ni wọ́n ń pe jẹjẹrẹ náà. Kò wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n a kì í sábà tètè rí i. Bí ó bá ti wọlẹ̀ nínú awọ, ó lè rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Ní ọdún 1985, àwọn dókítà kan ní Yunifásítì Níú Yọ́ọ̀kì ṣe ìlànà kan jáde tó rọrùn láti rántí: kí a wo ìrísí àmì, etí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe fẹ̀ tó. Lọ́dún 2004, wọ́n fi ìyípadà kún un. Àǹtí mi ní kí n di mẹ́rin mú: ìrísí, etí, àwọ̀, ìyípadà. Ọrùn mi ló fi kọ́ mi.

Àkọ́kọ́ ni ìrísí. Ó ní kí n fojú inú fa ìlà gba àárín àmì náà kọjá, bí ìgbà tí a fẹ́ ká ìwé sí méjì. Ṣé apá kan bá èkejì mu? Tèmi bá mu, ó rí roboto bí ẹ̀wà. Èyí tí apá kan rẹ̀ wú jáde tí èkejì ò sì wú, ìyẹn ló ń kọni lóminú.

Ìkejì ni etí. Ti àmì tí kò léwu máa ń mọ́ sójú kan, o lè fi báírò tẹ̀ lé e yípo. Ti èyí tó léwu máa ń rí ṣágiṣàgi, tàbí kó máa pòórá díẹ̀díẹ̀ sínú awọ bíi yíǹkì tí omi kán sí, débi pé o ò ní mọ ibi tó parí sí.

Ìkẹta ni àwọ̀. Àmì lè dúdú, ó lè pọ́n bíi kòkó, kò burú, bí ó bá ti jẹ́ àwọ̀ kan náà ni gbogbo ojú rẹ̀. Bí dúdú, ìpọ́n, eérú àti funfun bá wà pọ̀ lára ẹyọ kan, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ìkẹrin ni ìyípadà, òun ni àǹtí mi sọ pé ó ṣe pàtàkì jù. Ó gbé fọ́tò JSS 1 mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn mi. Àmì náà wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ní ibi kan náà, bó ṣe rí nìyẹn. Rúlà ní mìlímítà mẹ́rin. Ó sọ fún mi pé àmì lè tóbi díẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà, ó sì lè dúdú sí i nígbà ìbàlágà tàbí nígbà oyún, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló máa ń yí pa dà pọ̀, ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó ń yí pa dà láàárín oṣù mélòó kan, tó ń fẹ̀ lápá kan, tó ń yún ni tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan gbá a, ni kí a gbé lọ. Èyí tó bá sì ti fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́fà lọ, ìyẹn bíi rọ́bà ìdí pẹ́ńsù, ẹ túbọ̀ wò ó.

Ó ní, "Lọ sùn jẹ́jẹ́, tìẹ ò ṣe nǹkan."

ẸSẸ̀ ÌYÁ ÀGBÀ

Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń gbọ́ wa. Ó ní, "Ṣé ti ẹ̀gún tó gún mi náà wà nínú ohun tí ẹ ń sọ?" Àǹtí mi ní, "Ẹ̀gún wo, Màámi?" Ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ní gìgísẹ̀, nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀gún ló gún òun lóko, ó ti lé lọ́dún kan, pé ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀.

Àǹtí mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba rúlà lọ́wọ́ mi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 14, ìbú rẹ̀ jẹ́ 9. Ó gbé nọ́ọ̀lọ́ọ̀nù funfun tó ṣe é rí kọjá lé e, ó fi báírò tọ etí rẹ̀, ó sì ká a sí méjì. Apá kan ò bá èkejì mu rárá. Lápá ìka ẹsẹ̀, etí náà gún sójú kan. Lápá ẹ̀yìn, ó ń pòórá lọ. Àárín rẹ̀ dúdú bí èédú, ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n, ẹ̀gbẹ́ kejì rí bí eérú. Ìbéèrè mẹ́ta ti gbé ìdáhùn tí kò dára wá. Ìkẹrin ńkọ́? Màmá mi rántí fọ́tò tó yà pẹ̀lú fóònù nígbà ìkómọ àbúrò mi, Ìyá àgbà na ẹsẹ̀ lórí ẹní. A fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Àmì náà wà níbẹ̀, kò ju èso ẹ̀wà lọ. Oṣù mẹ́wàá ló wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ó tún wá máa fẹ̀ sí i. Dídínkù ló yẹ kó máa dínkù.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an la lọ sí ọsíbítù. Dókítà gé awọ náà lára, wọ́n fi maikirosikópù wò ó. Ó jẹ́ mẹlanómà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì wọlẹ̀ jìnnà. Wọ́n tún gé awọ tó yí i ká kúrò, wọ́n mú awọ itan Ìyá àgbà fi bo ojú ibẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, dókítà sì ń yẹ orókè itan rẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà, bóyá kókó kan wú níbẹ̀. Ó ń bẹ láàyè, ó tiẹ̀ ń bú mi bí mo bá pẹ́ ní ilé ìwé.

IBI TÓ YẸ KÍ A WÒ

Àwọn òyìnbó máa ń wá irú àmì bẹ́ẹ̀ níbi tí oòrùn ń pa wọ́n: ẹ̀yìn, apá, itan. Mẹ́lánìn ń bo àwa ní tiwa, ṣùgbọ́n irú mẹlanómà tó wọ́pọ̀ jù lára aláwọ̀ dúdú kì í wá oòrùn. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ń gbé. Àwọn ibi tí a kì í wò nìyẹn. Bob Marley tí gbogbo yín ń kọ orin rẹ̀ nílùú wa yìí, abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ti rí tirẹ̀ lọ́dún 1977. Ìfarapa bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ó kú ní 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ọmọ ọdún 36 ni.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ lábẹ́ èékánná? Ẹ fi báírò ṣàmì sí ibi tí dúdú náà parí lápá ìdí èékánná, kí ẹ kọ ọjọ́ síwèé. Èékánná ọwọ́ máa ń hù bíi mìlímítà mẹ́ta lóṣù kan, ti ẹsẹ̀ kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì á bá èékánná lọ síwájú, ìdí èékánná á sì mọ́. Bí dúdú náà bá dúró sí ìdí tí kò kúrò, tàbí tó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú náà ti ràn dé awọ ìdí èékánná, dókítà ló kàn. Ìlà pupa rúsúrúsú tó wà ní èékánná mẹ́ta, mẹ́rin, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò yí pa dà, wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú. Kì í sábà ní wàhálà.

OHUN TÍ OJÚ Ò LÈ ṢE

Ìbéèrè mẹ́rin yìí kì í sọ pé jẹjẹrẹ ni. Ohun tó ń sọ ni pé kí dókítà wò ó. Àwọn mẹlanómà kan wà tí kò dúdú rárá, tí wọ́n pupa bí egbò tí kò jinná. Nítorí náà, egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá lé ní oṣù kan tí kò san, ẹ gbé òun náà lọ. Ẹ má fi abẹ́ ha àmì nílé, ẹ má fi oògùn jó o: ojú rẹ̀ lè jinná, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ, dókítà ò sì ní rí ohun tó máa fi maikirosikópù wò.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ bá àwọn àgbà ilé yín fọ ẹsẹ̀, kí ẹ sì yí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè wò. Bí ẹ bá rí nǹkan dúdú, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá ti kùnà nínú ìbéèrè mẹ́rin náà, ẹ má dúró de fọ́tò kejì.