Oògùn Àlẹ̀mọ́ra àti Omi Gbígbóná

Oògùn ìrora fẹ́ntaníìlì tó wà nínú àlẹ̀mọ́ra kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìrora ńlá bíi ti jẹjẹrẹ ń bá jà, tí ara rẹ̀ sì ti mọ mọ́fíìnì tàbí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni dókítà ń kọ ọ́ fún. Ẹlòmíràn tó bá lẹ̀ ẹ́, èémí rẹ̀ lè dá. Bí ọmọ yín bá fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bá dókítà.

Ká ní wọ́n kọ ọ́ fún ìyá àgbà kan ní Aramọkọ. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ rẹ̀ fi omi lásán fọ òkè apá rẹ̀, ó sì nù ún gbẹ. Kò lo ọṣẹ tàbí òróró, kò fá irun ibẹ̀, nítorí pé oògùn máa ń yára wọlé lójú ibi tí abẹ bá bó. Kò gé àlẹ̀mọ́ra náà sí méjì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó fi omi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀.

Títí alẹ́, ìrora lè má tíì lọ. Ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 12 sí 24 kí oògùn tó kún ẹ̀jẹ̀. Ibí ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe, tí wọ́n á tún lẹ èkejì mọ́ ọn. Wákàtí 72 ni ọ̀kan ń lò: ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọmọ á kọ́kọ́ ṣí ti àtijọ́, á wá lẹ tuntun mọ́ apá kejì. Ní ọjọ́ Àìkú, ó lè kan àyà. Oògùn ṣì máa ń kù lábẹ́ awọ ojú àtijọ́, awọ náà sì nílò ìsinmi kó má baà máa yún un.

Ooru ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Bí ọyẹ́ bá mú, ìyá á fẹ́ yáná, wọ́n á sì fẹ́ fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ ẹ́ lára. Ooru ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ, oògùn ọjọ́ mẹ́ta á wá máa yára wọlé. Kódà ibà tó gbóná dé 40°C lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún oògùn inú ẹ̀jẹ̀. Kí aláìsàn tó lẹ̀ ẹ́ má wọ inú omi gbígbóná Ìkògòsì; omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò gbóná ni kó fi wẹ̀ nílé. Bí ibà bá dé, ẹ pe dókítà.

Bí ìyá bá sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ọmọlójú rẹ̀ sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ ṣí àlẹ̀mọ́ra náà kúrò, kí ẹ sì gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Fún ẹni tó wà ní Ìjerò, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì kò jìnnà. Ẹ má dúró wò ó nílé. Oògùn tó wà lábẹ́ awọ ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i.

Àlẹ̀mọ́ra tí wọ́n ti lò tán ṣì ní oògùn tó lè pa ọmọdé. Ẹ ká a sí méjì kí ojú tó ń lẹ̀ lè kọjú síra, kí ẹ sì dá a padà fún apòògùn tó fún yín. Bí ìyẹn kò bá rọrùn, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí á fi omi ṣàn án lọ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orí ààtàn kọ́ ni ibi rẹ̀, níbi tí ọmọdé àti ewúrẹ́ ti ń tú ilẹ̀.