Kí Ewúrẹ́ Tó Bí: Ohun Tí Ìdí Ìrù Rẹ̀ Ń Sọ

Ewúrẹ́ á jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ikùn ràbàtà, á sì wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ kan tó ń ta gọ́gọ́ọ́ tẹ̀lé e. Ará ilé á pariwo pé ó ti bí, inú gbogbo wọn á dùn. Ẹni tó máa béèrè pé mélòó ló bí gan-an kò wọ́pọ̀. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí, ìbejì ló sáábà máa ń bí, ìbẹta rẹ̀ kò sì ṣàjèjì. Bí ẹyọ kan bá bá a wálé, ó ṣeé ṣe kí èkejì ti kú sínú igbó tàbí sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn, kì í ṣe nítorí àrùn, bí kò ṣe pé kò sẹ́ni tó nu imú rẹ̀ nígbà tó bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olówó ẹran mọ ọjọ́ tí ẹran rẹ̀ yóò bí, kó sì so ó mọ́lé kí ọjọ́ náà tó dé.

Oyún ewúrẹ́ kì í pé oṣù márùn-ún tán. Láàárín ọjọ́ 145 sí 150 ni ọ̀pọ̀ wọn ń bí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí abo ewúrẹ́ bá ń wá akọ, ó máa ń ké ṣáá, ìrù rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, abẹ́ rẹ̀ á wú díẹ̀, á sì pọ́n. Èyí kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Bí òbúkọ bá ti gùn ún, kọ ọjọ́ náà sára ògiri tàbí sínú ìwé. Bí nǹkan bí ọjọ́ 21 bá kọjá, tí kò tún wá akọ mọ́, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó ti lóyún. Má jẹ́ kí òbúkọ gun èyí tí kò tíì pé ọdún kan tàbí tó sún mọ́ ọn. Ó lè lóyún lóòótọ́, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ kò tíì fẹ̀ tó ibi tí ọmọ yóò gbà kọjá wọ́ọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ewúrẹ́ pupa rúsúrúsú kan ṣàpẹẹrẹ, ti màmá kan tó ń ṣe lafún ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ni òbúkọ gùn ún. Tí a bá kà á dáadáa, ọjọ́ 145 bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọjọ́ 150 sì bọ́ sí ọjọ́ 9 oṣù kan náà. Ìṣírò yìí fi ohun mìíràn hàn pẹ̀lú. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kẹ́yìn oyún ni ọmọ inú ń dàgbà jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti ewúrẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ le jù, tí koríko ti gbẹ, tí iná ti jó igbó. Ìgbà tí ó nílò oúnjẹ jù lọ gan-an ni ìta kò ní nǹkan kan fún un.

Ohun tí màmá ní lọ́pọ̀ ni èèpo gbáàgúdá. Èèpo tútù ní májèlé tó lè pa ẹran, nítorí náà ó ní láti sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi gbẹ ṣákáṣáká. Ṣùgbọ́n èèpo gbáàgúdá ń fúnni lágbára ni, kì í kọ́ ara ọmọ. Ohun tó ń kọ́ ara wà nínú èèpo ẹ̀wà, eéri ògì àti ewé igi. Ewé ọdán àti ewé ìpín ṣì ń wà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí koríko kò bá sí. Ó ń fún ewúrẹ́ náà ní eéri àti èèpo ẹ̀wà tó tó 200 sí 300 gíráàmù lójúmọ́, yàtọ̀ sí ewé, ó sì ń pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó wà níkùn ti gba ààyè tí oúnjẹ ì bá dúró sí. Omi tó mọ́ àti iyọ̀ díẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n níwájú rẹ̀.

Bí oúnjẹ kò bá tó ní àkókò yìí, ewúrẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ láti fi bọ́ ọmọ, ohun tó sì ń ti inú ọ̀rá yẹn jáde lè di májèlé sí i lára. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí èyí tó rù, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí èyí tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ pẹ̀lú. Á kọ oúnjẹ, á dúró gbagidi kọjú sí ògiri, á máa lọ eyín, èémí rẹ̀ sì lè máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Má dúró di ọ̀la. Ọjọ́ yẹn náà ni kí o ké sí dókítà ẹran. Dókítà ẹran náà ni kí o bi nípa oògùn aràn pẹ̀lú, torí albẹndasóòlù tí wọ́n ń tà káàkiri lè ba ọmọ inú jẹ́ bí ewúrẹ́ bá lò ó nínú oṣù àkọ́kọ́ oyún.

Wàyí o, ọjọ́ ti ń sún mọ́lé. Ọmú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, ọmú sì lè tanni jẹ. Òmíràn á ti wú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, òmíràn kò ní kún títí di alẹ́ ọjọ́ ìbí. Bí ó bá ti le, tó ń dán, tí orí ọmú sì tọ́ síta, ọjọ́ kò jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ wákàtí fún ọ.

Èyí tí mo fọkàn tán jù ni ìdí ìrù. Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ewúrẹ́, kí o fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fọwọ́ ra á lọ síhà ìrù. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, níbi tí ẹ̀yìn ti ń dà lọ sí ìrù, ìwọ yóò bá iṣan méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan tínrín, tó sì le bíi pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Fọwọ́ kàn wọ́n lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ọwọ́ rẹ lè mọ bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣì le. Bí ìbí bá ti ń bọ̀, wọ́n á máa rọ̀. Nígbà tí o bá fọwọ́ wá wọn tí o kò rí wọn mọ́, tí àwọn ìka rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn yí ìdí ìrù ká, ó sábà máa ń bí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, mo béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ìdí ìrù rẹ̀ lónìí?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo fọwọ́ wá iṣan yẹn títí, mi ò rí i. Mi ò ní í jẹ́ kó jáde."

Wọ́n fi koríko gbígbẹ tẹ́ ilẹ̀ ilé ẹran, wọ́n sì fi ewúrẹ́ náà síbẹ̀ láì so ó, nítorí okùn lè lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn nígbà ìrọbí. Ìhà rẹ̀ méjèèjì ti wọnú, ikùn ti sọ̀ sílẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde, ó ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnìkan pè é. Nígbà tó di ọ̀sán, omi yíyọ̀ tó gùn bí okùn ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gidi, tó ń ké tó sì ń tì, ọmọ gbọ́dọ̀ máa yọjú láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Àkọ́kọ́ wá bó ṣe yẹ: pátákò iwájú méjì, imú lé wọn lórí. Ẹ kò ní ṣe ju pé kí ẹ nu imú àti ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síwájú ìyá rẹ̀ kó máa lá a.

Èkejì ni wàhálà. Imú yọ, pátákò ẹyọ kan yọ, èkejì kò wá. Ẹsẹ̀ yẹn ti ká sẹ́yìn. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, màmá gé èékánná, wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọwọ́, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n sì fi òróró pa á. Wọ́n rọra ti ọmọ náà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí ìrora dáwọ́ dúró, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo pátákò kó má baà ya ilé ọmọ, wọ́n sì fà á síwájú. Ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń tì nìkan ni a ń fà, ìsàlẹ̀ síhà ẹsẹ̀ rẹ̀ la sì ń fà á sí, kì í ṣe òkè. Bí orí ló bá yí padà, tàbí tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá tí ọwọ́ kò tún un ṣe, dókítà ẹran ló kàn. Obìnrin tó bá lóyún kò gbọdọ̀ gbẹ̀bí ewúrẹ́ rárá, torí àrùn wà nínú omi ìbí tó lè ba oyún ọmọ èèyàn jẹ́.

Ẹ̀kẹta fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá, àtẹ́lẹ̀ pátákò kọjú sókè. Èyí ṣeé bí, ṣùgbọ́n bí ìbàdí bá ti jáde, a kò gbọdọ̀ jáfara, nítorí ìwọ́ ti há, ọmọ sì lè fa omi símú. Ó jáde, kò mira. Wọ́n nu imú rẹ̀, wọ́n fi koríko tọ́ ihò imú rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ gbígbẹ gbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kíkankíkan títí ó fi sín.

Wọ́n ti ìwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ ayodíìnì. Wọ́n tún fún orí ọmú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan kí ohun tó dí i lè jáde. Méjì dìde mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Ẹ̀kẹta kò lè dìde. Wọ́n ti ìka bọ ẹnu rẹ̀, ẹnu náà tutù. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ tutù kò gbọdọ̀ mu wàrà, kò ní lè dà á nínú. Ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná: ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé la gbé tì í. Lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ yá, wọ́n fún wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, láti ara ìyá rẹ̀. Inú wàrà yìí ni ohun tó ń gbógun ti àrùn wà, ìfun ọmọ kò sì ní gbà á wọlé mọ́ bí ọjọ́ kan bá kọjá. Ọmọ náà tẹ̀wọ̀n kìlógíráàmù kan lé díẹ̀, nítorí náà 120 mílílítà ló nílò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A pín in sí ọgbọ̀n-ọgbọ̀n mílílítà lọ́nà mẹ́rin, méjì nínú rẹ̀ kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Síríǹjì tí a yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni a fi ń kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀.

Ibi ọmọ jáde ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan máa ń so òkúta tàbí bàtà mọ́ ọn kó lè wá kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, ó lè já sínú, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà. Bí wákàtí méjìlá bá kọjá tí kò jáde, dókítà ló yẹ kó fọwọ́ kàn án. Màmá ri í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ kí ajá má baà hú u, wọ́n sì gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ewé ìyeyè kalẹ̀ fún ìyá ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kẹta náà fúnra rẹ̀ wá ọmú, ṣùgbọ́n ọmú méjì péré ni ewúrẹ́ ní, àwọn méjì tó lágbára kì í sì í gba ẹ̀kẹta láàyè. Ìgò ọmọdé ni wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ títí ó fi mọ ewé jẹ.