Ibi Ìsopọ̀ Ni Kí Ẹ Fún Ẹ̀rọ Ṣe, Ẹ Fi Ojú Bàbá Sílẹ̀

Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sí etíkun Ìlàjẹ lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Bí ilé bá sì ń lọ, fọ́tò ara ògiri náà ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ibẹ̀ kan ṣègbéyàwó, tó sì jẹ́ pé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lára bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ó fẹ́ kí bàbá dúró lẹ́yìn òun àti ìyàwó nínú fọ́tò tí wọ́n yà létí omi. Kí ni kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ṣe fún un?

Irú nǹkan báyìí ti pẹ́ láàárín wa. Ní àwọn ọdún 1970, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kíyè sí i lọ́dọ̀ àwọn ayafọ́tò Yorùbá pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n lè tẹ fọ́tò èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí méjèèjì lè jókòó pọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ojú èèyàn gidi ni wọ́n lò. Wọn ò finú ro ojú tuntun.

Ẹ̀rọ òde òní ń finú ro ojú. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibi tí ẹ fẹ́, ẹ máa fún un ní fọ́tò bàbá kó fi ṣe àpẹẹrẹ, á sì ya ojú tuntun síbẹ̀. Ojú yẹn á dán, àmọ́ ó lè jọ àbúrò bàbá ju bàbá fúnra rẹ̀ lọ. Àpá orí ìpéǹpéjú á pòórá, àwọ̀ ara á sì lè pupa sí i.

Ìdí kan ni bí ojú ṣe kéré tó. Ká ní fọ́tò ìgbéyàwó fẹ̀ tó 4000 píksẹ́lì, ojú bàbá sì máa gba 180 níbẹ̀. Bí ẹ bá sún gbogbo fọ́tò náà kì di 1024, ojú á ku nǹkan bíi 46. Ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion sì máa ń kó píksẹ́lì mẹ́jọ-mẹ́jọ pọ̀ di ẹyọ kan, torí náà ojú bàbá ò ju ẹyọ mẹ́fà lọ ní ìbú. Ẹyọ kan péré ló kan ẹyinjú kọ̀ọ̀kan! Ẹ̀rọ ò lè ṣe ju pé kó méfò lọ.

Ohun tí èmi fara mọ́ nìyí. Ẹ lọ fi síkánà ka pásípọ́ọ̀tù náà ní 600 dpi. Ojú tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà méjì á fún yín ní nǹkan bíi 470 píksẹ́lì, ó sì tó. Fọ́tò inú fóònù tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri lè má dáa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ibi tó fẹ̀ tó 720 píksẹ́lì kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 1024. Ojú bàbá á wá gba 256 níbẹ̀. Ẹ lẹ ojú gidi yẹn àti èjìká rẹ̀ mọ́ ọn, bó ṣe wà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìmọ́lẹ̀. Létí omi, oòrùn ń tàn láti òkè, omi náà sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí abẹ́ àgbọ̀n. Pásípọ́ọ̀tù ní tiẹ̀ gba iná láti iwájú. Ẹ wo àgbọ̀n ọkọ ìyàwó, kẹ́ ẹ sì ṣe ti bàbá bákan náà díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà yìí ló wá kan ẹ̀rọ. Ẹ kun àyíká orí, ọrùn àti èjìká nìkan bí òrùka. Ẹ má fọwọ́ kan ojú, imú àti ẹnu. Ẹ fi "Denoising strength" sí 0.35, "Mask blur" sí 8. Bẹ́ ẹ bá gbé ti àkọ́kọ́ dé 0.8, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí irun àti ọrùn padà pátápátá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kò tíì dáa? Ìlà funfun tín-ín-rín á yí orí ká bí adé. Tàbí kẹ́ ẹ rí i pé awọ ojú bàbá ń dán bíi ike nígbà tí ti àwọn tó kù rí hóró-hóró. Ẹ wọ́n hóró díẹ̀ sí tiẹ̀ náà. Èyí tó le jù ni pé kẹ́ ẹ gé ojú yẹn nìkan, kẹ́ ẹ fi han ìyá, kẹ́ ẹ bi í pé: "Màámi, ta nìyí?" Bí wọ́n bá ronú kí wọ́n tó dáhùn, ẹ tún un ṣe.

Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé bàbá ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé pásípọ́ọ̀tù la ti mú ojú rẹ̀. Òkun ti gbé ìyókù lọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́la, fọ́tò yìí nìkan ló máa bá. Kò yẹ ká fi purọ́ fún un.