Àròkọ Tó Ṣàdédé Dán: Kí Ni Iṣẹ́ Àtẹ̀yìnwá Lè Jẹ́rìí Sí?

Ẹ wo ìròyìn tí ilé iṣẹ́ ABC gbé jáde ní Ọsirélíà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n ní ẹjọ́ màgòmágó tó súnmọ́ 6,000 ni Yunifásítì Kátólíìkì ti Ọsirélíà kọ sílẹ̀ ní ọdún 2024 nìkan, àti pé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló jẹ mọ́ lílo ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Nígbà tí wọ́n wádìí, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹjọ́ náà ni wọ́n dà nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, yunifásítì náà jáwọ́ nínú lílo irinṣẹ́ tó ń sọ fún olùkọ́ pé ẹ̀rọ ló kọ iṣẹ́ kan.

Irinṣẹ́ lọ, ìfura kò lọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ olùkọ́ ni ohun tó ti wà níbẹ̀ kí irinṣẹ́ tó dé: iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ á gbé àròkọ tuntun lé ọwọ́ kan, á gbé ti àtijọ́ lé èkejì, á ní, "Ọmọ yìí kò ní ọ̀rọ̀ tó báyìí lẹ́nu ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn." Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ̀rí tó dájú nìyẹn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a lè fi wé ara wọn nínú àròkọ méjì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló rọrùn jù láti rí, òun náà ló sì tètè ń ṣini lọ́nà jù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń wọn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé ká ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú àròkọ, ká wá ka oríṣi ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra nínú wọn, ká sì fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkejì. Bí ọ̀rọ̀ 100 bá wà, tí 70 nínú wọn yàtọ̀ síra, ìdá 70 nínú 100 nìyẹn. Ó dà bíi pé kò sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú rẹ̀, àmọ́ ó wà. Bí àròkọ ṣe ń gùn sí i ni ìdá yìí ń lọ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ yí padà. Ó dà bí ayẹyẹ ìkómọ. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, àlejò tuntun ni gbogbo wọn. Tó bá máa fi di ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn jáde lọ fọwọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni "ni", "tí", "ó" àti "sì" ṣe máa ń padà wọlé léraléra.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo fọkàn dá ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń kọ́ èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Àròkọ rẹ̀ àtijọ́ gùn tó ọ̀rọ̀ 1,200, oríṣi ọ̀rọ̀ 480 ló wà nínú rẹ̀: ìdá 40 nínú 100. Iṣẹ́ tuntun tó mú wá kò ju ọ̀rọ̀ 250 lọ, 150 nínú wọn sì yàtọ̀ síra: ìdá 60 nínú 100. Láti 40 bọ́ sí 60! Olùkọ́ tó bá dúró síbẹ̀ ti rí ọ̀daràn. Àmọ́ ká ní ó gé àròkọ àtijọ́ sí ègé ọlọ́rọ̀ 250, tó sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè rí i pé oríṣi ọ̀rọ̀ bíi 140 ló wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan. Ìdá 56 nìyẹn. Fífò tó dà bí òkè ti di ebè: ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yẹn náà lè má sọ nǹkan kan. Bí àròkọ àtijọ́ bá dá lórí ìgbà ìsinmi, tí tuntun sì dá lórí àrùn ibà, kò sí bí "ẹ̀fọn", "àjẹsára" àti "ẹ̀jẹ̀" kò ṣe ní yọjú. Orí ọ̀rọ̀ ló mú wọn wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé méjì kó tó kọ̀wé yóò kó ọ̀rọ̀ ìwé méjèèjì dání bọ̀, ohun tí a sì rán an lọ ṣe nílé ẹ̀kọ́ gan-an nìyẹn.

Níbo ni ká wá wò? Ìdáhùn tó wù mí jù wá láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìṣirò méjì, Frederick Mosteller àti David Wallace, tí wọ́n gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1964. Láàárín 1787 sí 1788, Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay kọ àròkọ 85 láti rọ àwọn ará New York kí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ àdàpè kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí 12 nínú wọn: ṣé Hamilton ló kọ wọ́n ni, àbí Madison? Ọ̀rọ̀ ńláńlá kò lè yanjú ẹjọ́ náà. Ọ̀mọ̀wé ni àwọn méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n ń jà fún, ọ̀rọ̀ òṣèlú kan náà ló kún ẹnu wọn.

Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni Mosteller àti Wallace lọ kà, àwọn ọ̀rọ̀ asopọ̀ àti ọ̀rọ̀ atọ́kùn tí ẹnikẹ́ni kì í fiyè sí. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún "lórí", ọ̀kan kúrú, ìkejì gùn díẹ̀. Hamilton máa ń lo èyí tó gùn ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ọ̀rọ̀ 1,000. Ti Madison kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ṣírò wọn pọ̀, gbogbo àròkọ 12 náà sì tọ́ka sí Madison.

Ìdí tí ọ̀nà yìí fi lágbára ni pé a kì í yan ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n kàn ń já bọ́ ni, bí ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn. Yorùbá náà ní tirẹ̀. Ẹnì kan á máa sọ "àmọ́", ẹlòmíràn á máa sọ "ṣùgbọ́n". Ẹnì kan á kọ "torí pé", ẹlòmíràn á kọ "nítorí pé". Ìtumọ̀ kò yàtọ̀, ọwọ́ ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ká sọ pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ 3,000, "àmọ́" jẹyọ nínú wọn lẹ́ẹ̀mejìdínlógún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú 1,000 nìyẹn. Nínú àròkọ tuntun ọlọ́rọ̀ 1,500, ó yẹ ká retí rẹ̀ ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Bí a kò bá rí ẹyọ kan, tí "ṣùgbọ́n" wá kún ibẹ̀ bámúbámú, ìbéèrè ti dé. Àmọ́ bí àròkọ tuntun bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 250 péré, ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ la ń retí. Nínú iṣẹ́ márùn-ún tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kan lè má ní "àmọ́" rárá, kó sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ló kọ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí olùkọ́ ń fura sí ló kúrú jù fún irú ẹ̀rí yìí.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ gùn, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ kan náà ló fi bírò pupa fa igi sí gbogbo "àmọ́" inú iṣẹ́ ìṣáájú, tó ní "ṣùgbọ́n" ló bá àròkọ mu jù. Ọmọ tó gbọ́ ìmọ̀ràn wá di afurasí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í fi í tó, tí a sì gbọ́dọ̀ fi àròkọ wé àròkọ irú rẹ̀: ìtàn pẹ̀lú ìtàn, iṣẹ́ àṣetiléwá pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohun tí ènìyàn fi ìkánjú kọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kì í ṣe òṣùwọ̀n fún ohun tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ nílé.

Dídán iṣẹ́ náà ńkọ́? Ní Yorùbá, àmì ohùn lojú kọ́kọ́ ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ ṣàdédé mú iṣẹ́ wá, àmì pé pérépéré. Àmọ́ ìpele tó gbẹ̀yìn ni àmì máa ń wọlé. Ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò lè bá a fi sí i ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì lè jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí pátákó ìtẹ̀wé tó ń gba àmì lórí kọ̀ǹpútà. Dídán ń sọ fún wa pé ẹnì kan fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kẹ́yìn. Kò sọ ẹni tó ro ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fún irinṣẹ́ méje tó ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ ní àròkọ 91 láti inú ìdánwò TOEFL, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ. Ní ìpíndọ́gba, àwọn irinṣẹ́ náà pe ìdá 61 nínú 100 ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìdí ni pé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wọn bí ó ṣe rọrùn tó láti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn, ẹni tó ń fi èdè àjèjì kọ̀wé sì máa ń rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ kún àwọn àròkọ náà, ẹ̀sùn já wálẹ̀ gan-an.

Ẹ wo pańpẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀wé ní ìrọ̀rùn, irinṣẹ́ á mú un. Bó bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ga, olùkọ́ tó ń wo iṣẹ́ àtijọ́ á mú un. Àwa ọmọ Nàìjíríà ti tọ́ díẹ̀ wò nínú ìyẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí olùdókòwò Paul Graham fura sí lẹ́tà kan pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí wíwá ìdí nǹkan jinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa fèsì pé láti iléèwé la ti ń lo ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, èrò tèmi, bí ẹ̀rí kò tilẹ̀ tíì pọ̀ tó láti fọwọ́ sọ̀yà, ni pé iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá lè bi ìbéèrè, kò lè dá ẹjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ jókòó kó tó di pé ẹ fẹ̀sùn kàn án. Ẹ ní kó mú àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ kọ wá. Ẹ mú gbólóhùn tó le jù nínú iṣẹ́ náà, kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ tú u, kó sì sọ ohun tó gé kúrò àti ìdí tó fi gé e. Ẹni tó ṣe wàhálà gbólóhùn máa ń rántí wàhálà náà, kódà bí ẹlòmíràn bá bá a fi àmì sí i. Ẹ̀rù lè mú kí ọmọ kan kólòlò, torí náà ẹ jẹ́ kó tún un sọ.

Ìpalẹ̀mọ́ gbogbo èyí sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ìfura tó dé. Olùkọ́ tó bá gba àròkọ ojú ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó sì tọ́jú wọn, yóò ní ohun tó lè fi wé, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n pípé fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tí kò ní wọn lọ́wọ́, ìrántí ara rẹ̀ ló fi ń wé àròkọ, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì kọ ohunkóhun síbẹ̀.