Bọ́ọ̀lù Mélòó Ni Yóò Kàn Án?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Íńdíà àti Ọsirélíà kojú ara wọn nílùú Ahmedabad nínú àṣekágbá ife àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó wọ pápá, Virat Kohli ti kó rọ́ọ̀nù 711 jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje náà, kò sì sí ẹlòmíì tó kó tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn ta tẹ́tẹ́ lórí ọmọ Íńdíà tí yóò gba rọ́ọ̀nù jù lọ́jọ́ náà, orúkọ Kohli ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Kohli gba 54. KL Rahul, ẹni karùn-ún nínú ètò ìwọlé wọn, gba 66, òun ló sì borí gbogbo wọn.

Èmi ò ka èyí sí kòńgẹ́ lásán. Ọ́ọ̀dì tí àwọn oní-tẹ́tẹ́ ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe oyè tí wọ́n fi ń dá ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá lọ́lá. Ìbéèrè kan ló wà nídìí rẹ̀: bọ́ọ̀lù mélòó ni yóò kan ẹni yìí, irú bọ́ọ̀lù wo sì ni?

Fún ẹni tí kò wo eré yìí rí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èèyàn 11. Méjì ló ń di pátákó mú lójú pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá lé ọ̀kan jáde, ẹni tó kàn á wọlé. Mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn, mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní ófà. Ọ́ọ̀dì ní tirẹ̀ kò ṣòro. Bó bá jẹ́ 4.00, ẹni tó fi 1,000 náírà ta á yóò gba 4,000 tó bá jẹ, owó tó fi sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí 4.00 ń wí ni pé tí wọ́n bá gbá irú eré yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni yìí á borí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 25 nínú 100. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún gbogbo orúkọ 11, kí ẹ ro ó pọ̀: yóò kọjá 100. Ohun tó fi kọjá yẹn ni èrè iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́.

Nínú eré olófà 20, bọ́ọ̀lù 120 péré ni ẹgbẹ́ kan ní. Àwọn méjì tó ṣíde ló ń mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ọ́ọ̀dì tiwọn ló máa ń kéré jù, tí ẹni kẹta ń tẹ̀ lé wọn. Ẹni kẹfà lè jẹ́ ọ̀gá nínú kí á gbá bọ́ọ̀lù sọdá ààlà, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù mẹ́wàá lè máà kàn án. Eré ọlọ́jọ́ márùn-ún yàtọ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó ka iye bọ́ọ̀lù síbẹ̀; àwọn tó ṣíde ń kojú bọ́ọ̀lù tuntun tó le, tó ń yà kiri, nígbà tí ẹni kẹrin tàbí ìkarùn-ún lè bá bọ́ọ̀lù tó ti gbó, kó sì gbá a láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdí nìyí tí ọ́ọ̀dì ẹni kìíní àti ti ẹni karùn-ún fi máa ń súnmọ́ ara wọn nínú eré yẹn. Eré olófà 50, irú èyí tí wọ́n gbá ní Ahmedabad, wà láàárín méjèèjì pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 300.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn balógun méjèèjì á pàdé láti ju owó ẹyọ sókè. Ẹni tó bá yege ló ń yàn bóyá òun ni yóò kọ́kọ́ gbá. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbá kò ní ìdíwọ́ kankan ju iye ófà rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó gbá ṣìkejì ní ààlà mìíràn: bó bá ti lé iye tí wọ́n ń lépa bá, eré parí. Ká ní rọ́ọ̀nù 110 ni wọ́n ń lépa. Ẹni àkọ́kọ́ ti gba 40, èkejì rẹ̀ gba 35, wọ́n sì rí 5 míì láti inú àṣìṣe àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó lé ẹni àkọ́kọ́ yẹn jáde. Rọ́ọ̀nù 30 ló kù. Bí ẹni kẹta tilẹ̀ nìkan gba gbogbo rẹ̀, kò lè bá 40. Tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ẹni tó kù lẹ́yìn ti já láìtíì wọlé. Nígbà tí iye tí wọ́n ń lépa bá kéré, ọ́ọ̀dì àwọn tó ń ṣíde máa ń wálẹ̀, ti àwọn tó wà lẹ́yìn á sì ròkè.

Pat Cummins ti Ọsirélíà ló yege ní Ahmedabad, ó sì ní kí Íńdíà kọ́kọ́ gbá. Ojú ilẹ̀ gbẹ, wọ́n sì ti gbá eré lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìdíje náà. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í sáré wá sórí pátákó. Ó máa ń rọ́ra dé, pàápàá nígbà tó bá ti gbó. Lálẹ́, ìrì máa ń sẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú, gbígbá rẹ̀ á sì rọrùn. Ibi tí ojú ilẹ̀ ti wọ inú ọ́ọ̀dì nìyẹn. Ilẹ̀ tó le, tó tẹ́jú, ń jẹ́ kí àwọn àkọ́kọ́ pẹ́ lójú pápá. Ilẹ̀ tó ń ṣòro máa ń tètè mú ẹni tó wà lẹ́yìn wọlé.

Rohit Sharma fi bọ́ọ̀lù 31 gba 47 nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì tuntun. Àmọ́ nínú ófà kọkànlá, Íńdíà pàdánù ẹni kẹta lórí rọ́ọ̀nù 81, Rahul sì wọlé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀: ẹni karùn-ún bá bọ́ọ̀lù 238 nílẹ̀. Kò sáré. Ó lo bọ́ọ̀lù 107, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì gbá bọ́ọ̀lù kan ààlà. Nítorí pé gbogbo Íńdíà kò ju 240 lọ, 66 tó láti borí. Lórí ilẹ̀ tó dára, kò ní tó.

Ọsirélíà wá lépa 241. Wọ́n kọ́kọ́ pàdánù ẹni mẹ́ta lórí 47, ṣùgbọ́n Travis Head tó ṣíde kò kúrò. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni gbígbá ń rọrùn sí i, ó sì gba 137. Glenn Maxwell, ẹni tó gba 201 nínú eré tí wọ́n bá Afganísítáànì gbá ní ọjọ́ 7 oṣù yẹn kan náà, jẹ́ ẹni kẹfà. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kàn án. Ní Mumbai lọ́jọ́ yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣubú, ó sì wọlé ní kùtùkùtù. Ní Ahmedabad, Head àti Marnus Labuschagne kò jẹ́ kó wọlé. Ọwọ́ Maxwell kò yí padà láàárín ọjọ́ 12.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ta irú tẹ́tẹ́ yìí, ẹ ka òfin iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ yín dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ẹni méjì bá gba iye kan náà, wọ́n máa ń pín owó tí ẹ fi ta á sí méjì: 1,000 náírà lórí 4.00 á wá di 2,000 dípò 4,000. Ẹni tí kò bá sí nínú àwọn 11, wọ́n sábà máa ń dá owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú wọn tí wọn kò pè wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já ni. Josh Inglis wà nínú àwọn 11 tí Ọsirélíà kó wọ pápá lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n gba ife, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan.