Aṣáà, Èrìgì àti Jẹjẹrẹ Ẹnu

Ní Nàìjíríà, ewé tábà gbígbẹ tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ kán-ún ni wọ́n sábà fi ń ṣe aṣáà. Àwọn kan a máa fà á símú. Àwọn mìíràn a fi díẹ̀ sáàárín ètè ìsàlẹ̀ àti èrìgì, wọn a sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Kán-ún yìí ni ó ń jẹ́ kí nikotíìnì, èròjà tí ń sọ tábà di bárakú, tètè gba inú ẹnu wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Àìsí èéfín kò mú ewu kúrò. Nígbà tí wọ́n bá ń sá ewé tábà, àwọn èròjà tí ń fa jẹjẹrẹ a máa jẹ yọ nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ a sì máa fi itọ́ gbé wọn mì.

Ibi tí aṣáà ń jókòó sí gan-an ni àmì ti ń kọ́kọ́ hàn. Èrìgì ibẹ̀ a sún sẹ́yìn, gbòǹgbò eyín a yọ síta, omi tútù a sì máa ta á. Ara ibẹ̀ lè di funfun, kí ó hunjọ, kí ó má sì ṣeé nù kúrò. Nítorí pé kì í sábà dunni, ọ̀pọ̀ ń gbójú fò ó; àwọn kan a tilẹ̀ kàn gbé aṣáà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ènìyàn bá jáwọ́, funfun náà lè pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí kò bá lọ, tàbí egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, dókítà eyín ní láti gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.